Yógọ́ọ̀tì, wàrà àmúkan àti wàrà kíkan

Yógọ́ọ̀tì, wàrà àmúkan àti wàrà kíkan jẹ́ orúkọ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn máa ń lò bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ wàrà tí ó ti kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wọn kan yàtọ̀ síra. Wàrà kíkan ni orúkọ tí ó gbòòrò jù lọ: ó lè jẹ́ pé bakitéríà ni ó mú un kan, ó sì lè jẹ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fún sí i. Wàrà àmúkan ni wàrà tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi bakitéríà mú kan, tàbí bakitéríà pẹ̀lú ìwúkàrà. Yógọ́ọ̀tì jẹ́ ẹ̀yà kan lára wàrà àmúkan, èyí tí bakitéríà méjì pàtó ń ṣe. Nítorí náà, gbogbo yógọ́ọ̀tì ni ó jẹ́ wàrà àmúkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wàrà àmúkan ni ó jẹ́ yógọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wàrà tí ó kan ni ó ní ohun alààyè nínú.

Ìyàtọ̀ yìí kan ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dàrú nígbà tí ó bá mu wàrà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ yógọ́ọ̀tì kí ara rẹ̀ sì balẹ̀, kì í sì í ṣe adùn tàbí kíki rẹ̀ ni olórí ohun tí ó fa èyí, bí kò ṣe àwọn bakitéríà tí ó ṣì wà láàyè nínú rẹ̀.

Bí wàrà ṣe ń kan

Omi ni ó pọ̀ jù nínú wàrà màlúù. Ohun tí ó kù ni ọ̀rá, pùròtéènì, ṣúgà àti àwọn èròjà kéékèèké mìíràn. Ṣúgà inú wàrà ni a ń pè ní lákítósì, ó sì tó nǹkan bí gíráàmù 48 nínú lítà kan. Pùròtéènì tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kéésíìnì. Kéésíìnì wà nínú wàrà bí ìṣù kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Irú agbára iná kan náà ni ó wà lára ìṣù kọ̀ọ̀kan, èyí sì ń mú kí wọ́n máa ti ara wọn sẹ́yìn, kí wọ́n má lè lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyí tí wàrà tútù fi ń ṣàn bí omi.

Nígbà tí bakitéríà tí ó ń gbé inú wàrà bá jẹ lákítósì, ó máa ń sọ ọ́ di ásíìdì lákítíkì. Ásíìdì yìí ni ó ń kan lẹ́nu. Òṣùwọ̀n pH ni a fi ń mọ bí ohun kan ṣe kan tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wàrà tútù wà ní nǹkan bí pH 6.6. Nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ dé 4.6, agbára tí ó ń ti àwọn ìṣù kéésíìnì sẹ́yìn yóò ti tán. Wọn yóò wá so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja, wọn yóò sì há omi àti ọ̀rá mọ́ àárín ara wọn. Bí wàrà ṣe ń dì nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ohun tí ó ń mú nǹkan ki sí i.

Ẹni tí ó bá ti rẹ àgbàdo fún ògì rí ti mọ irú iṣẹ́ yìí. Omi ògì máa ń kan láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nítorí pé àwọn bakitéríà tí ó jẹ́ ìbátan ti inú wàrà ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì lákítíkì.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn níhìn-ín. Kéésíìnì kò mọ ibi tí ásíìdì ti wá. Bí bakitéríà bá ṣe é, wàrà yóò dì. Bí a bá da ọtí kíkan sí i, yóò dì bákan náà. Nítorí náà, ojú àti ahọ́n nìkan kò tó láti fi mọ irú wàrà tí ó wà nínú ife.

Wàrà kíkan

Ọ̀nà mẹ́ta ni wàrà máa ń gbà di kíkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àbájáde tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti wàrà tútù tí a kò sè. Bí a bá fún wàrà lára màlúù tí a sì gbé e kalẹ̀ sínú igbá, àwọn bakitéríà tí ó wà lára ọmú ẹran, lọ́wọ́ ẹni tí ó fún un àti lára igbá náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ilẹ̀ olóoru, ó lè kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Wàrà yìí ní ohun alààyè nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yan àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àwọn tí ó wúlò lè pọ̀ jù lónìí, kí àwọn tí ó ń fa àìsàn sì wà láàárín wọn lọ́la.

Ọ̀nà kejì ni ti ásíìdì tí a dà sí i. Àwọn tí ó ń ṣe àkàrà òyìnbó máa ń fi ṣíbí ọbẹ̀ kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan sínú ife wàrà kan, wọn yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá títí tí yóò fi ki. Ó wúlò nínú àkàrà nítorí pé ásíìdì rẹ̀ ń bá sódà tí a fi ń ṣe àkàrà ṣiṣẹ́ láti mú un wú. Ṣùgbọ́n kò sí bakitéríà kankan tí ó ṣe é, lákítósì inú rẹ̀ sì pé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti wàrà tí ó bàjẹ́, èyí ni ó sì máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù lọ. Wàrà inú páálí tàbí inú agolo ni a ti fi iná pa bakitéríà inú rẹ̀. Iná náà pa àwọn tí ó ń ṣe ásíìdì lákítíkì pẹ̀lú. Bí a bá ṣí irú wàrà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn tí ó sábà máa ń gba inú rẹ̀ ni àwọn bakitéríà mìíràn tí ó wọlé láti inú afẹ́fẹ́, ṣíbí tàbí ọwọ́, àti àwọn díẹ̀ tí iná kò pa nítorí èèpo líle tí ó bò wọ́n. Àwọn yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí ṣúgà nìkan. Wọ́n ń jẹ pùròtéènì àti ọ̀rá inú wàrà. Nítorí náà, dípò kí ó kan, ó máa ń korò, ó máa ń rùn, ó sì lè máa fà bí ilá. Kì í ṣe wàrà àmúkan ni èyí. Wàrà tí ó bàjẹ́ ni, dídà nù ni ó yẹ ẹ́. A kò lè sọ ọ́ di yógọ́ọ̀tì nípa gbígbé e síbi tí ó móoru.

Ó yẹ kí a ya wàrà dídì ti ilẹ̀ Yorùbá sọ́tọ̀ níhìn-ín, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń dín nínú epo tàbí kí wọ́n fi sínú ọbẹ̀. Oje ewé bọmubọmu ni àwọn tí ó ń ṣe é fi ń mú wàrà dì lórí iná. Nínú oje náà ni ẹ́ńsáìmù kan wà tí ó ń gé ara kéésíìnì, tí àwọn ìṣù rẹ̀ fi ń so kọ́ra láìsí ásíìdì. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní wàgásì. Ó dì, ṣùgbọ́n kò kan, kò sì ní bakitéríà alààyè tí ó ṣiṣẹ́ fún un, nítorí pé orí iná ni a ti ṣe é.

Wàrà àmúkan

Wàrà di àmúkan nígbà tí a bá fi bakitéríà tí a mọ̀ sínú rẹ̀, tí a sì fún wọn ní àyè àti ooru tí wọ́n fẹ́. Ó lè jẹ́ bakitéríà tí a rà ní gbígbẹ láti ilé iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ díẹ̀ lára wàrà àmúkan ti àná tí a bù sínú ti òní. Díẹ̀ tí a bù yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní wàrà ìpìlẹ̀.

Oríṣiríṣi wàrà àmúkan ni ó wà káàkiri ayé. Ní àgbègbè òkè Káúkásù, bakitéríà àti ìwúkàrà tí wọ́n jùmọ̀ lẹ̀ di kóró ni a fi ń ṣe kẹ̀fírì. Nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀, kẹ̀fírì máa ń hó díẹ̀ lẹ́nu, ó sì lè ní ọtí díẹ̀ nínú. Ní Éṣíà àárín, wàrà ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe kúmísì.

Ní Nàìjíríà, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni nọ́nọ̀ tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń kiri nínú igbá, tí wọ́n sì ń pò mọ́ fùrá, ìyẹn ìṣù jéró tí a sè tí a sì gún. Kíndìrímò ni ti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì pé. Nọ́nọ̀ ni ti èyí tí a ti yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀. Àwọn bakitéríà inú nọ́nọ̀ kò dọ́gba láti ilé dé ilé. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ásíìdì lákítíkì, ìwúkàrà sì sábà máa ń wà láàárín wọn. Nítorí náà, nọ́nọ̀ ti obìnrin kan lè kan gidigidi kí ti ẹnìkejì rẹ̀ sì rọ̀ lẹ́nu. Wàrà àmúkan gidi ni, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní yógọ́ọ̀tì bí kò bá jẹ́ pé bakitéríà méjì tí a óò dárúkọ nísàlẹ̀ yìí ni ó ṣe é.

Ewu tí ó wà nínú nọ́nọ̀ wá láti inú wàrà tí a kò sè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù àti àrùn burusẹlósísì lè ti inú wàrà tútù ran ènìyàn, àwọn kòkòrò wọn sì lè yè nínú wàrà tí ó ti kan fún ìgbà díẹ̀. Kíkan nìkan kò pa wọ́n tán. Ohun tí ó ń dáàbò bo ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ se wàrà, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a tó bu wàrà ìpìlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wàrà ìpìlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wá láti inú wàrà tí a ti sè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí iná lé jáde ni a tún fi ọwọ́ ara wa mú wọlé.

Yógọ́ọ̀tì

Inú èdè Tọ́kì ni orúkọ yógọ́ọ̀tì ti wá. Ní ọdún 1905, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Bùlgáríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stamen Grigorov, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Jẹ̀nẹ́fà, fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo yógọ́ọ̀tì ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣe àpèjúwe bakitéríà kan tí ó gùn bí ọ̀pá. Orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní ń rántí ilẹ̀ náà: Lákítóbásílọ́ọ̀sì bọ́lígáríkọ́ọ̀sì. Ìkejì rẹ̀ ni Sitirẹ́pítókọ́kọ́ọ̀sì tẹmófílọ́ọ̀sì, tí ó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín pọ̀. Ìtumọ̀ tẹmófílọ́ọ̀sì ni olùfẹ́ ooru.

Kódẹ́ẹ̀sì Àlìmẹ̀ntáríọ́ọ̀sì, tí í ṣe ìlànà oúnjẹ tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ọ̀gbìn àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀, sọ pé bakitéríà méjèèjì yìí pa pọ̀ ni ó ń sọ wàrà di yógọ́ọ̀tì. Ó tún sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tó mílíọ̀nù 10, ó kéré tán, nínú gíráàmù kan títí di ọjọ́ tí oúnjẹ náà yóò fi parí ìlò rẹ̀. Bí a bá fi iná pa wọ́n lẹ́yìn tí wàrà ti dì, ìlànà náà ní kí a pè é ní wàrà àmúkan tí a fi iná sè.

Ìdí tí a fi nílò méjèèjì ni pé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Tẹmófílọ́ọ̀sì ni ó máa ń kọ́kọ́ yára pọ̀. Ó ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó wà nínú wàrà tán, ó sì ń tú ásíìdì fọ́mííkì díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kábọ́nì sílẹ̀, èyí tí Bọ́lígáríkọ́ọ̀sì fẹ́ràn. Bọ́lígáríkọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ń gé pùròtéènì wàrà sí wẹ́wẹ́, Tẹmófílọ́ọ̀sì sì ń rí oúnjẹ jẹ láti inú èyí tí a gé náà. Nígbà tí wàrà bá ti kan púpọ̀, Tẹmófílọ́ọ̀sì yóò rẹ̀wẹ̀sì, Bọ́lígáríkọ́ọ̀sì yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Òun náà ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú òórùn tí a mọ̀ mọ́ yógọ́ọ̀tì, tí ó jọ ti èso ápù tútù. Bí a bá fi ọ̀kan nìkan sínú wàrà, yóò kan náà, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ jù, òórùn rẹ̀ kò sì ní pé.

Lítà wàrà kan

A lè fi lítà wàrà kan ṣe àpẹẹrẹ bí ó ṣe ń rí. A ó kọ́kọ́ gbé wàrà náà sórí iná títí yóò fi gbóná dé 85°C, a ó sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru lè wò ó nígbà tí èéfín bá ń jáde lára rẹ̀, tí ìfófòó kéékèèké sì yọ létí ìkòkò, ṣùgbọ́n tí kò tíì hó. Iná yìí ń pa bakitéríà tí ó bá wà níbẹ̀. Ó tún ń yí àwọn pùròtéènì tí kì í ṣe kéésíìnì padà, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ kéésíìnì, àwọ̀n tí yóò dì náà yóò sì le sí i. Yógọ́ọ̀tì tí a kò fi iná pèsè wàrà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣàn.

Lẹ́yìn èyí, a ó jẹ́ kí ó tutù sí nǹkan bí 43°C. Ní ìwọ̀n yìí, ìka tí a ti fọ̀ mọ́ lè wà nínú rẹ̀ títí a ó fi ka ení dé ẹ̀wá láìjó ni. A ó wá po ṣíbí ọbẹ̀ méjì yógọ́ọ̀tì tí ó ní bakitéríà alààyè, tí kò sì ní ṣúgà tàbí èso nínú, mọ́ ọn. Èyí tó nǹkan bí gíráàmù 30. A ó bo ìkòkò náà, a ó fi aṣọ tí ó nípọn wé e tàbí kí a gbé e sínú kúlà, a kò sì ní mì í.

Ká ní bakitéríà mílíọ̀nù 100 ni ó wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan wàrà ìpìlẹ̀ náà. Nígbà tí gíráàmù 30 bá ti dàpọ̀ mọ́ lítà wàrà, yóò ku bíi mílíọ̀nù 3 nínú gíráàmù kan. Bí iye wọn bá di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀márùn-ún péré, mílíọ̀nù 3 yóò ti di mílíọ̀nù 96. Ìdí nìyí tí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà fi tó. Nígbà tí a bá rọra tẹ ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wàrà náà sì yí pa pọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó dì, ó ti dé nǹkan bí pH 4.6. Àsìkò tó láti gbé e sínú fíríìjì nìyẹn. Òtútù kò pa bakitéríà náà. Ó kàn ń mú kí wọ́n fà sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́.

Bí kò bá dì, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé wàrà ṣì gbóná ju 50°C lọ nígbà tí a fi wàrà ìpìlẹ̀ sí i, tí ooru sì pa á. Ó lè jẹ́ pé wàrà ìpìlẹ̀ náà ti kú kí a tó rà á. Ó sì lè jẹ́ pé a fún màlúù ní oògùn bíi pẹnisilíìnì láìpẹ́ sí ìgbà tí a fún wàrà rẹ̀. Tẹmófílọ́ọ̀sì kì í fara da oògùn yìí, ìwọ̀n kékeré nínú wàrà sì ti tó láti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Bí ó bá dì ṣùgbọ́n tí omi tí ó dà bí àwọ̀ koríko yọ lójú rẹ̀, kò bàjẹ́. Omi wàrà ni, ó lè jẹ́ pé a mì ín nígbà tí ó ń dì, tàbí pé a fi í sílẹ̀ pẹ́ jù nínú ooru.

A lè bu lára yógọ́ọ̀tì yìí ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é léraléra, ìwọ̀n bakitéríà méjèèjì sí ara wọn yóò yí padà, àwọn àjèjì yóò sì wọlé. Nígbà tí adùn rẹ̀ bá yàtọ̀ tàbí tí ó bá ń pẹ́ kí ó tó dì, wàrà ìpìlẹ̀ tuntun ni ó yẹ.

Ohun tí bakitéríà alààyè ń ṣe nínú ikùn

Nínú lítà wàrà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, bakitéríà ti jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lákítósì rẹ̀. Gíráàmù 48 ti di nǹkan bí 36. Nítorí náà, ife wàrà kan tí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin lítà ní gíráàmù 12 lákítósì, ife yógọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ sì ṣì ní bíi gíráàmù 9. Ìyàtọ̀ yìí kò tóbi. Kí ni ó wá dé tí ẹni tí wàrà ń yọ lẹ́nu fi lè jẹ yógọ́ọ̀tì?

Ìfun kékeré ọmọ ọwọ́ ní ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní lákítéésì, tí ó ń gé lákítósì sí méjì kí ara tó lè lò ó. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé, ẹ́ńsáìmù yìí máa ń dín kù lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Yorùbá àti Ígbò tí ó ti dàgbà kò lè lo lákítósì dáadáa, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Fúlàní darandaran lè lò ó. Kì í ṣe àìsàn. Bí ara ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ṣe rí ni, àwọn ìran tí ó ti ń mu wàrà láti ayébáyé ni ó yàtọ̀.

Lákítósì tí a kò gé yóò kọjá lọ sí ìfun ńlá. Níbẹ̀ ni yóò ti fa omi mọ́ra, àwọn bakitéríà ìfun yóò sì jẹ ẹ́, wọn yóò sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ń fa inú kíkùn, inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn ife wàrà nìyẹn.

Bakitéríà yógọ́ọ̀tì ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí lákítéésì ń ṣe. Nígbà tí a bá jẹ yógọ́ọ̀tì, pùròtéènì wàrà ń dín agbára ásíìdì inú ikùn kù, ara bakitéríà fúnra rẹ̀ sì dà bí àpò tí ó ń dáàbò bo ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ìfun kékeré, òróòro yóò mú kí àpò náà jò, ẹ́ńsáìmù yóò sì bá lákítósì pàdé níbi tí ó ti yẹ kí a gé e. Lọ́nà kan, yógọ́ọ̀tì gbé ohun tí yóò mú un dà wá fúnra rẹ̀. Kíki rẹ̀ tún ń jẹ́ kí ó rọra kúrò nínú ikùn, èyí sì ń fún ẹ́ńsáìmù náà ní àyè.

Ní ọdún 1984, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn tí kò ní lákítéésì tó ní gíráàmù 18 lákítósì nínú yógọ́ọ̀tì, wọ́n sì tún fún wọn ní iye bẹ́ẹ̀ nínú wàrà. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ háídírójìn tí ó ń bá èémí wọn jáde, nítorí pé ìfun ńlá ni ó ń wá nígbà tí lákítósì bá débẹ̀ láìgé. Èyí tí ó jáde lẹ́yìn yógọ́ọ̀tì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti wàrà. Ní ọdún 2012, Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà kí àwọn tí ó ń ṣe yógọ́ọ̀tì kọ ọ́ sára ike wọn pé bakitéríà alààyè inú rẹ̀ ń ran àwọn tí kò lè lo lákítósì dáadáa lọ́wọ́, bí iye bakitéríà náà bá ti tó mílíọ̀nù 100 nínú gíráàmù kan.

Bí a bá fi iná sè yógọ́ọ̀tì lẹ́yìn tí ó ti dì, bakitéríà yóò kú, ẹ́ńsáìmù yóò sì bàjẹ́. Ásíìdì rẹ̀ kò lọ, kíki rẹ̀ kò lọ, pùròtéènì rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí a sọ yìí yóò dín kù gidigidi. Wàrà tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ mú kan kò ní i rárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọn kì í ṣe

Ilya Mechnikov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ṣiṣẹ́ ní Párísì, ni ó mú kí òkìkí wàrà àmúkan kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó gbà pé Bọ́lígáríkọ́ọ̀sì lè tẹ̀dó sínú ìfun, kí ó lé àwọn bakitéríà búburú, kí ó sì fa ọjọ́ ogbó síwájú. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e rí i pé kì í tẹ̀dó síbẹ̀. Bakitéríà méjèèjì inú yógọ́ọ̀tì jẹ́ àlejò tí ó ń kọjá lọ. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ àǹfààní wọn lórí lákítósì gbọ́dọ̀ jẹ wọ́n pọ̀ mọ́ lákítósì náà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ó ṣáájú.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi àwọn bakitéríà mìíràn kún méjèèjì, bíi Bifidobakitéríọ́ọ̀mù tàbí Lákítóbásílọ́ọ̀sì asidófílọ́ọ̀sì. Ohun tí ìwádìí bá fi hàn nípa ìran bakitéríà kan kò di ti ìran mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Yógọ́ọ̀tì kì í ṣe ìwòsàn fún ibà tàbí fún ìgbẹ́ ọ̀rìn, kò sì lè rọ́pò ọmú fún ọmọ ọwọ́. Ẹni tí agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà bá ti lọ sílẹ̀ gan-an ní láti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó jẹ oúnjẹ tí ó ní bakitéríà alààyè.

Bí a ṣe lè mọ èyí tí ó wà láàyè

Ibi ìpamọ́ ni àmì àkọ́kọ́. Yógọ́ọ̀tì tí bakitéríà inú rẹ̀ wà láàyè gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, nítorí pé bí ó bá wà nínú ooru yóò máa kan sí i. Èyí tí a lè tò sórí pẹpẹ ìtajà fún oṣù púpọ̀ láìsí fíríìjì ni a ti fi iná sè lẹ́yìn tí ó dì, tàbí kí ó jẹ́ wàrà tí a fi ásíìdì sí. Àmì kejì ni ohun tí a kọ sára ike: ó yẹ kí ó sọ pé bakitéríà alààyè wà nínú rẹ̀. Kí ó kàn sọ pé bakitéríà ni a fi ṣe é kò tó, nítorí pé èyí jẹ́ òtítọ́ nípa èyí tí a ti sè pẹ̀lú.

Àdánwò kan wà tí a lè ṣe nílé. Kí a bu ṣíbí kan lára rẹ̀ sínú ife wàrà tí a ti sè tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a bò ó, kí a sì gbé e síbi tí ó móoru fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ó bá dì tí ó sì kan láìkorò, ohun alààyè wà nínú èyí tí a rà. Kí a tún gbé ife kejì tí a kò fi nǹkan kan sí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; èyí gbọ́dọ̀ wà bí wàrà lásán, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó wọ inú méjèèjì. Àdánwò yìí kò lè sọ iye tí wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé wọn kò tíì kú.

Bí iná mànàmáná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, yógọ́ọ̀tì inú fíríìjì lè kan sí i, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Àmì pé ó ti bàjẹ́ ni kí ike rẹ̀ wú, kí ó máa hó lẹ́nu nígbà tí kò yẹ kí ó hó, kí ó korò, tàbí kí olú aláwọ̀ búlúù, ewé tàbí òsàn hù lójú rẹ̀. Kíkó olú náà kúrò lójú kò tó, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀.